Mátíríìsì sẹ́mì mi: kí ló dé tí kọ̀ǹpútà ń gbé 0.577 jáde níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

ỌmọWàndó

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ mọ ibi tí sẹ́mì kan, ìyẹn alùpùpù tó ń gbé èrò, máa ń wà jù tó bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ títí. Àdúgbò mẹ́ta ló ń ná níbí l'Ájàṣẹ́ àti ìtòsí ẹ̀: Wàndó, Jásìn, Àjàrá. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú mátíríìsì ìṣeéṣe tí mo pè ní P ni ibi tó ti gbé èrò, òpó ni ibi tó já a sí. Mo ní kí numpy bá mi wá fẹ́tọ̀ pùróòpù, ìyẹn fẹ́tọ̀ tí P kàn máa ń sọ di ìlọ́po ara ẹ̀, tí lámídà ẹ̀, ìyẹn iye ìlọ́po náà, jẹ́ 1, ó gbé 0.577 jáde níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí mo bá pín in kó lè pé 1 ó di 0.333. Ọ̀rẹ́ mi ṣe P ìgbà P ìgbà P títí dé 50, ó rí 0.4, 0.4, 0.2. Èwo ni ká gbà?

```python
import numpy as np
P = np.array([[0.5, 0.4, 0.1],
              [0.3, 0.5, 0.2],
              [0.4, 0.2, 0.4]])
w, v = np.linalg.eig(P)
```

———

Sábẹ̀Olókè

Ti ọ̀rẹ́ ẹ ni kó o gbà jàre. Gbogbo fẹ́tọ̀ pùróòpù yẹn, wọ́n kàn fi ń dààmú akẹ́kọ̀ọ́ ni. Gbé P ga dé 50, dé 100, wo ìlà àkọ́kọ́, òun ni ìdáhùn, tán. Èmi ò lo nǹkan míì rí, kò sì já mi kulẹ̀.

———

Ẹ̀gbọ́nKétu

Lórí sẹ́mì yìí, òótọ́ lo sọ, 0.4, 0.4, 0.2 ni. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí fẹ́ mọ ibi tí 0.577 ti wá, ìyẹn ló sì yẹ ká kọ́kọ́ tú, torí àìmọye èèyàn ló ń fi ìdáhùn yẹn sílẹ̀ fún tísà láìfura.

Àbúrò, nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fún ẹ yẹn ò kan sẹ́mì ẹ rárá. Dán an wò. Pa gbogbo ohun tó wà nínú P rẹ́, kọ nọ́ńbà míì tó ju òdo lọ tó bá wù ẹ́ síbẹ̀, kí ìlà kọ̀ọ̀kan ṣáà pé 1, wàá tún bá 0.577 níbẹ̀, bó bá tiẹ̀ ní mánọ̀ọ̀sì níwájú. Ìdí ni pé bó o ṣe pè é yẹn, P ló wà lápá òsì, fẹ́tọ̀ ló wà lápá ọ̀tún, kọ̀ǹpútà á mú ìlà P kọ̀ọ̀kan, á fi fẹ́tọ̀ lù ú, á ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Tí fẹ́tọ̀ bá jẹ́ 1, 1, 1, ohun tó rò pọ̀ náà ni ìlà yẹn fúnra ẹ̀, 0.5 àti 0.4 àti 0.1, ó di 1, ìlà kejì di 1, ìkẹta di 1. Fẹ́tọ̀ wọlé ní 1, 1, 1, ó jáde ní 1, 1, 1. Bó ṣe máa rí nìyẹn fún gbogbo mátíríìsì tí ìlà ẹ̀ bá pé 1. Numpy wá máa ń ṣe é kí gígùn fẹ́tọ̀ jẹ́ 1, kì í ṣe àròpọ̀ ẹ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ 1/√3, tí í ṣe 0.577.

Apá kejì ni ohun tó ò ń wá wà. Rò ó pé sẹ́mì pọ̀ nígboro, wọ́n pín sí àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbogbo wọn wá gbé èrò kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpín wo la máa fi bẹ̀rẹ̀ tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti já èrò wọn tán, ìpín yẹn ò ní yẹ̀? Láti mọ iye tó máa wà ní Wàndó, ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀, 0.3 nínú ti Jásìn á wọlé, 0.4 nínú ti Àjàrá á wọlé. Ṣé o rí i pé 0.5, 0.3, 0.4 yẹn, òpó Wàndó ni, kì í ṣe ìlà? Fẹ́tọ̀ ló máa wà lápá òsì, P lápá ọ̀tún. Numpy ò mọ apá òsì, apá ọ̀tún nìkan ló mọ̀, torí náà ìwọ lo máa bá a sọ ìlà di òpó kó tó bẹ̀rẹ̀:

```python
w, v = np.linalg.eig(P.T)
k = np.argmin(abs(w - 1))
x = v[:, k].real
print(x / x.sum())
```

Má fojú fo `argmin` yẹn o. Kì í ṣe dandan kí lámídà tó jẹ́ 1 wà nípò àkọ́kọ́, mo ti rí ẹni tó ń mú `v[:,0]` lójú lásán, tó wá ń bi mí ìdí tí ìṣeéṣe fi ní mánọ̀ọ̀sì nínú.

———

ỌmọWàndó

Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n, ó ti jáde: 0.4, 0.4, 0.2. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kó fi àwọn lámídà inú w hàn mí, mo rí 1 lóòótọ́, àwọn méjì tó kù wá ní j nínú, 0.2+0.1j àti 0.2-0.1j. Ṣé mo ti ba nǹkan jẹ́ ni? Ṣé sẹ́mì lè ní ìṣeéṣe tó ní j ni?

———

Ẹ̀gbọ́nKétu

O ò ba nǹkan kan jẹ́. Àwọn méjì yẹn kì í ṣe ìṣeéṣe, wọ́n kàn ń sọ bí ìbẹ̀rẹ̀ ṣe ń di ìgbàgbé ni. Títóbi ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ni gbòǹgbò 0.05, bí 0.22. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ní ìrìn kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún péré ló ń ṣẹ́ kù nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ń lọ. J yẹn wá fi hàn pé kì í sún mọ́ ọn tààrà, ó máa ń kọjá díẹ̀, á tún padà.

O lè fojú rí i. Sẹ́mì tó gbéra ní Wàndó, lẹ́yìn ìrìn méjì ìpín ẹ̀ jẹ́ 0.41, 0.42, 0.17. Lẹ́yìn ìrìn mẹ́rin, 0.3991, 0.4022, 0.1987. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀ tán, 50 tí ọ̀rẹ́ ẹ ṣe yẹn ti pọ̀ jù. Ẹni tí lámídà kejì tiẹ̀ bá jẹ́ 0.99 ni 50 ò ní tó fún, tó bá wo ìlà àkọ́kọ́ tó bá dúró síbẹ̀, á rò pé òun ti débẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò tíì sún mọ́ ọn. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n wo gbogbo ìlà P tó ti ga yẹn, kì í ṣe ọ̀kan, tí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá tíì bára dọ́gba, ìbẹ̀rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀.

———

Ìyá Oníkẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò mọ kọ̀ǹpútà yín yìí, ṣùgbọ́n mo ní sẹ́mì tí àwọn ọmọkùnrin ń bá mi wà, ọ̀rọ̀ yìí sì kàn mí gan an. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé tí mo bá lọ wo ọ̀kan nínú wọn láago mẹ́ta ọ̀sán, ní ìgbà mẹ́wàá ẹ̀ẹ̀mejì péré ni màá bá a l'Ájàrá? Irọ́ gbáà ni. Àjàrá ni wọ́n máa ń wà, wọ́n á débẹ̀ wọ́n á jókòó, wọ́n ní àwọn ń dúró de èrò tó máa padà sígboro. Mo fẹ́ fi ẹni tó ń lẹ táyà síbì kan, ṣé Wàndó ni kí n fi í sí lóòótọ́?

———

Sábẹ̀Olókè

Màmá, 0.2 ni ìṣirò sọ. Ojú yín ló ń tàn yín jẹ torí ẹ máa ń rántí ìgbà tí ẹ bá wọn níbi tí inú bí yín.

———

Ẹ̀gbọ́nKétu

Rárá o, Sábẹ̀, ohun tí màmá rí tọ̀nà, ìṣirò náà tọ̀nà, ìbéèrè méjì ni wọ́n. Mátíríìsì ọmọ yìí ò ní aago nínú. Ìrìn ló ń kà. 0.2 túmọ̀ sí pé nínú èrò 100 tó bá já, bí 20 ló máa já s'Ájàrá. Kò sọ iye ìṣẹ́jú tó máa lò níbẹ̀ kó tó rí èrò míì.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i, nọ́ńbà tèmi ni o, ẹ fi ti yín rọ́pò ẹ̀. Ká ní tó bá já èrò sí Wàndó, títí dìgbà tó máa tún já èrò tó kàn, ó máa ń gba ìṣẹ́jú 10, Jásìn náà 10, ti Àjàrá 30 torí ìdúró yẹn. Ẹ ó fi ìpín kọ̀ọ̀kan lu ìṣẹ́jú tiẹ̀: 0.4 ìgbà 10 jẹ́ 4, ti Jásìn 4, 0.2 ìgbà 30 jẹ́ 6. Àpapọ̀ ẹ̀ 14. Ti Àjàrá wá di 6 nínú 14, ó lé díẹ̀ ní 0.42, Wàndó àti Jásìn jẹ́ bí 0.29 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n ń lọ jù kọ́ ni ibi tí wọ́n ń pẹ́ sí jù.

Nítorí náà, màmá, ó kù sọ́wọ́ ohun tó ń ba táyà jẹ́. Tó bá jẹ́ ìrìn ló ń jẹ táyà, 0.4, 0.4, 0.2 ni kẹ́ ẹ fi gbèrò. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí ẹni yẹn wà níbi tí àwọn ọmọ ti ń jókòó kí wọ́n lè lo àsìkò ìdúró wọn fún àtúnṣe, Àjàrá ni.

———

Ìyá Oníkẹ̀kẹ́

Wọ́n ń jókòó l'Ájàrá, táyà wọn sì ń jò lójú ọ̀nà. Màá rò ó wò. Ẹ ṣeun.

———

Akẹ́kọ̀ọ́Dáńgbó

Ẹ jẹ́ kí n bá wọn dá sí i. Níbi tí mo ti ń kọ́ ìṣirò, a kì í lo eig fún èyí rárá bí kò bá ju àdúgbò mẹ́ta mẹ́rin lọ, ọwọ́ ni. Ohun tó jáde kúrò níbì kan gbọ́dọ̀ bá ohun tó wọ ibẹ̀ dọ́gba. Ohun tó ń jáde ní Wàndó lọ síbòmíì ni 0.5 W, ohun tó ń wọlé ni 0.3 J àti 0.4 A. Ohun tó ń jáde l'Ájàrá ni 0.6 A, èyí tó ń wọlé ni 0.1 W àti 0.2 J. Mú A ní 1 fún ìgbà díẹ̀, kó o lè rí ibi dì mú:

0.5 W = 0.3 J + 0.4
0.1 W + 0.2 J = 0.6

Ti ìsàlẹ̀ sọ pé W jẹ́ 6 − 2J. Gbé e sókè: 3 − J = 0.3 J + 0.4, ìyẹn ni pé 1.3 J = 2.6, J di 2, W náà di 2. Ó wá jẹ́ 2, 2, 1. Pín in pẹ̀lú 5, ó tán. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sì sí j kankan níbẹ̀.

———

ỌmọWàndó

Mo gbìyànjú irú ẹ̀ pẹ̀lú `np.linalg.solve` tẹ́lẹ̀, mo fi ìdọ́gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i, òdo ló fún mi níbi gbogbo, nígbà míì ó ní `Singular matrix`. Kí ló fà á tí ti Dáńgbó fi ṣiṣẹ́ tèmi ò ṣiṣẹ́?

———

Akẹ́kọ̀ọ́Dáńgbó

Torí méjì péré ni mo lò. Ìdọ́gba kẹta ò sọ nǹkan tuntun. Tí Wàndó bá dọ́gba, tí Àjàrá bá dọ́gba, sẹ́mì kì í pòórá, Jásìn á dọ́gba dandan. Fún ìdí èyí o ní mẹ́ta lójú, méjì ni wọ́n ní ti gidi, òdo níbi gbogbo sì tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn. Yọ ọ̀kan kúrò, èyí tó bá wù ẹ́, fi "àpapọ̀ jẹ́ 1" rọ́pò ẹ̀:

```python
A = P.T - np.eye(3)
A[-1] = 1
print(np.linalg.solve(A, [0, 0, 1]))
```

———

Sábẹ̀Olókè

Ẹ ti gùn jù. Mo ṣì dúró lórí tèmi. Gbogbo ohun tí ẹ ṣe yìí, ìlọ́po P ń ṣe é ní ìlà kan, ẹ ò sì tíì fi ibi tó ti kùnà hàn mí.

———

Ẹ̀gbọ́nKétu

Ó dáa, mú bọ́ọ̀sì tó ń lọ láti Àjàṣẹ́ sí Kétu. Tó bá kúrò l'Ájàṣẹ́, Kétu ló máa sùn, tó bá kúrò ní Kétu, Àjàṣẹ́ ló máa sùn, kì í yà. Mátíríìsì ẹ̀ ni 0, 1 lókè, 1, 0 nísàlẹ̀. Gbé e ga dé 50, wàá rí i pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ l'Ájàṣẹ́ wà l'Ájàṣẹ́ dájúdájú. Gbé e dé 51, ó wà ní Kétu dájúdájú. Kò ní dúró láéláé. Bẹ́ẹ̀ ìdáhùn wà, ìdajì ìdajì ni, ọ̀nà tí Dáńgbó fi hàn yẹn á fún ẹ láìjanpata, torí ní gbogbo alẹ́ tó bá ti sùn, ìdajì ẹ̀ ní Kétu.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé o lè má mọ̀. 50 fún ẹ ní ìdáhùn tó mọ́ tónítóní, 1 àti 0, o kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìlọ́po bíi tìẹ, kó fi 50 àti 51 wéra, tí wọn ò bá jọra, kó ro méjèèjì pọ̀ kó pín in sí méjì. Ti bọ́ọ̀sì yìí á di ìdajì ìdajì. Ibi tí ìyípo bá ti ju méjì lọ, ìpín méjì ò tó, o máa ro púpọ̀ sí i pọ̀. Tàbí kó o kúkú gbé ìdajì P àti ìdajì mátíríìsì tí kì í yí nǹkan padà pọ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí awakọ̀ ń ju owó fáráńkì kan sókè lálaalẹ́ bóyá kóun lọ tàbí kóun dúró. Ìpín ìgbẹ̀yìn ò ní yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìlọ́po á dúró.

———

Sábẹ̀Olókè

Bọ́ọ̀sì tí kì í yà rí ò sí ní ilẹ̀ wa. Tó bá tiẹ̀ ń ya lẹ́ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún, ìlọ́po mi á dúró.

———

Ẹ̀gbọ́nKétu

Á dúró, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní 50. Tó bá jẹ́ pé ìdá kan nínú 100 ló ń sùn síbi tó ti gbéra, lámídà kejì jẹ́ −0.98. 0.98 tó ga dé 50 ṣì lé ní 0.36, ìyẹn ni pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ l'Ájàṣẹ́ ṣì ní ìṣeéṣe tó tó 0.68 láti wà níbẹ̀, dípò 0.5. Ohun tí mo sọ lókè nìyẹn, wo gbogbo ìlà.

Ibì kan tún wà tí gbogbo wa máa kùnà, èmi, ìwọ, Dáńgbó. Ká ní o kó sẹ́mì Àjàṣẹ́ àti sẹ́mì Sábẹ̀ẹ́ sínú mátíríìsì kan ṣoṣo, kò sì sí ìkankan tó ń ti ọ̀hún wá síbí. Ìlọ́po P á dúró dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn ìlà ò ní bára dọ́gba láé, àwọn ti Àjàṣẹ́ á jọra, àwọn ti Sábẹ̀ẹ́ á jọra. `solve` á pariwo `Singular matrix`, tàbí kí àṣìṣe kékeré inú kọ̀ǹpútà jẹ́ kó gbé nọ́ńbà tí kò nítumọ̀ jáde. `eig` á fi 1 hàn lẹ́ẹ̀mejì. Níbẹ̀, kò sí ìdáhùn kan ṣoṣo, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ló ń sọ ibi tó máa parí sí. Tó o bá rí 1 méjì nínú w, pa kọ̀ǹpútà dé, padà lọ wo mátíríìsì ẹ.

———

Akẹ́kọ̀ọ́Dáńgbó

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì pé ìpín yìí ń bá ayé gidi mu, Màkọ́fù, onímọ̀ ìṣirò ará Rọ́ṣíà tó dá irú ìṣirò yìí sílẹ̀, fúnra ẹ̀ ti ka irú ẹ̀ ní 1913. Ó mú lẹ́tà 20,000 nínú ewì gígùn kan tí Púṣíkìnì kọ, ó ń ka fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ló fi kà á. Lẹ́yìn fáwẹ̀lì, ìṣeéṣe pé fáwẹ̀lì míì á tẹ̀ lé e jẹ́ 0.128, lẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì ó jẹ́ 0.663. Ẹ ṣe ti ohun tó ń jáde àti ohun tó ń wọlé: 0.872 F = 0.663 K. F di 0.663 pín sí 1.535, tí í ṣe 0.432. Iye fáwẹ̀lì tó kà nínú 20,000 yẹn wá jẹ́ 8,638, ìyẹn náà 0.432.

———

ỌmọWàndó

Èyí dùn mọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan ló kù. Nọ́ńbà Wàndó àti Jásìn, mo ní èrò tó pọ̀ tí mo kà. Ti Àjàrá, 20 péré ni: 8 padà sí Wàndó, 4 sí Jásìn, 8 já síbẹ̀ náà. Ṣé ìyẹn ò ní ba ìdáhùn jẹ́?

———

Ẹ̀gbọ́nKétu

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo èèyàn bi nìyẹn. Yí èrò méjì péré padà, sọ pé 10 ló lọ sí Wàndó, 6 ló dúró l'Ájàrá. Ìlà ìkẹta di 0.5, 0.2, 0.3. Ṣe ìṣirò ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, wàá rí nǹkan bí 0.419, 0.405, 0.176. Àjàrá wá láti 0.2 sí 0.176 torí èrò méjì. Má ṣe kọ 0.2000 fún tísà bí ẹni tó dájú, kọ 0.2, kó o sọ pé 20 lo kà.

———

Sábẹ̀Olókè

Ọjọ́ wo lo ka ti Àjàrá ná? Torí ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń ná ọjà ibẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà, sẹ́mì á kún ọ̀nà Àjàrá, lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, kò sí ẹni tó ń lọ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mátíríìsì kan ò gba méjèèjì.

———

ỌmọWàndó

Mo pa ọjọ́ pọ̀ ni. Mi ò ya ọjọ́ ọjà sọ́tọ̀.

———

Ẹ̀gbọ́nKétu

Sábẹ̀ mú ibi tó dùn gan an. Kà á sọ́tọ̀, mátíríìsì kan fún ọjọ́ ọjà, ọ̀kan fún ọjọ́ lásán, wá ìpín ti ìkọ̀ọ̀kan. Torí pé ìrìn mẹ́rin ti tó fún un láti débi ìdúró, tó sì jẹ́ pé ìrìn ọjọ́ kan ju ìyẹn lọ dáadáa, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan á ti ní ìpín tiẹ̀ kí oòrùn tó mú. Kó o wá ro ìpín méjèèjì pọ̀, kó o fi iye ìrìn ọjọ́ ọjà kan wọn ti ọjọ́ ọjà, kó o fi iye ìrìn ọjọ́ mẹ́ta yòókù wọn ti ọjọ́ lásán. Má ro mátíríìsì pọ̀ kó o tó wá ìpín, kì í sábà bọ́ sí ibì kan náà.

———

Akẹ́kọ̀ọ́Dáńgbó

Mi ò gbà pátápátá. Tó o bá wọn ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye ìgbà tó gbéra níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe pẹ̀lú ọjọ́, mátíríìsì àpapọ̀ á bọ́ síbẹ̀, ohun tí ọmọ yìí sì ti ń ṣe láìmọ̀ nìyẹn nígbà tó pa gbogbo èrò pọ̀ kà.

———

Ẹ̀gbọ́nKétu

Tó bá jẹ́ pé gbogbo ìrìn sẹ́mì yẹn ló kà láti àárọ̀ dalẹ́, lọ́jọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ní èrò Àjàrá jẹ́ 20, ti àwọn yòókù pọ̀. Ìpín tó rí sọ pé èrò tó ń gbéra l'Ájàrá gbọ́dọ̀ tó ìdajì ti Wàndó. ỌmọWàndó, mélòó lo kà ní Wàndó?

———

ỌmọWàndó

120.